Mo ń ṣakọ fún un, ó wá dákẹ́: ìgbà wo ni ṣíṣakọ ń ṣiṣẹ́, ìgbà wo ló ń yí dà sí òdì?

Àṣàbí_Ẹ̀yẹ

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin ará. Ọ̀rọ̀ kan ń dà mí láàmú, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí i.

Ọkùnrin kan wà tí ọ̀rẹ́ mi fi mọ̀ mí. Kò pẹ́ tó fi dẹnu ìfẹ́ kọ mí. Kí n má purọ́, ó wù mí láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó ní làákàyè, ó máa ń fetí sílẹ̀ téèyàn bá ń sọ̀rọ̀, kì í sì í fọ́nnu. Ṣùgbọ́n gbogbo àwọn tó jù mí lọ ló ní kí n má tètè gbà, pé ọkùnrin kì í ka obìnrin tó bá yára jẹ́ hẹn sí. Ni mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣakọ. Tó bá kọ ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ láàárọ̀, ó di alẹ́ kí n tó fèsì. Tó bá ní ká jọ jáde, màá ní ọwọ́ mi dí. Tó bá sọ pé mo wu òun, màá rẹ́rìn-ín, màá sì yí ọ̀rọ̀ sí ibòmíràn.

Nígbà tó kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀, ó ṣiṣẹ́ gan-an. Ńṣe ló ń pè lemọ́lemọ́, tó ń wá ọgbọ́n oríṣiríṣi láti rí mi. Àmọ́ láìpẹ́ yìí ó ti yí padà. Ó ṣì ń kí mi, ṣùgbọ́n ìkíni náà ti kúrú, kò sì dá ọjọ́ kankan mọ́. Àwọn kan ní ó ń dán mi wò ni, pé kí n má mì. Ṣé kí n máa ṣakọ mi lọ ni, àbí kí n rọ̀ sí i? Kí ló sì fà á tí ohun tó ń ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀ fi wá ń lé e lọ?

Ìyá_Agbo

Àṣàbí ọmọ mi, fọkàn balẹ̀. Ohun tí a kò bá jìyà fún kì í tọ́jọ́. Ọkùnrin tó bá fẹ́ ẹ dénú yóò padà wá. Bí o bá sáré tọ̀ ọ́ lọ báyìí, ohun tó máa rò ni pé o ti ń wá a kiri látẹ̀yìn, gbogbo iyì tó ti bù fún ọ yóò sì dín kù. Èmi náà ṣakọ fún bàbá àwọn ọmọ mi, ó pẹ́ kí n tó gbà fún un, a sì wà papọ̀ títí dòní. Dúró lójú kan náà.

Ọ̀rọ̀_Ṣókí

Ó ti rẹ̀ ẹ́ ni. Pè é.

Akin_Tòótọ́

Mà, pẹ̀lú ọ̀wọ̀, mi ò fara mọ́ ọn. Mo ti wà ní ipò ọkùnrin yẹn rí, ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe ń rí nínú wa lọ́hùn-ún.

Nígbà tí obìnrin náà kọ́kọ́ ń sá fún mi, orí mi gbóná, òótọ́ ni. Mo ń ronú nípa rẹ̀ níbi iṣẹ́, mo ń wo fóònù lóru. Àmọ́ tí ẹ bá bi mí nígbà náà pé kí ni mo fẹ́ràn lára rẹ̀, mi ò ní rí nǹkan gidi sọ, torí kò jẹ́ kí n mọ òun. Bó ṣe ń pẹ́ ni inú bẹ̀rẹ̀ sí í bí mi sí i díẹ̀díẹ̀. Mi ò dáwọ́ wíwá a dúró nígbà náà o, mo ṣì ń lé e, ṣùgbọ́n mo ti ń lé e bí ẹni tí kò fẹ́ kí wọ́n rí òun fín. Nígbà tó wá gbà níkẹyìn, oṣù yẹn ò parí tí mo fi rí i pé kò sí ohun tí a jọ lè bá ara wa sọ. A tú ká.

Nítorí náà, Àṣàbí, pé ó ń pè ọ́ lemọ́lemọ́ kò túmọ̀ sí pé ìfẹ́ rẹ̀ sí ọ ń pọ̀ sí i. Ó lè jẹ́ pé ìlépa lásán ló gbà á lọ́kàn.

Olùwòye

Akin ti fọwọ́ kan ibi tó ń dùn gan-an, bóyá láìmọ̀. Ẹ̀kọ́ nípa ìhùwàsí ẹ̀dá ni mo ń kọ́ni, ọ̀rọ̀ yìí sì wà lára ohun tí àwọn olùwádìí ti ń yẹ̀ wò láti ọjọ́ pípẹ́. Ẹ jẹ́ kí n mú méjì péré jáde, torí àwọn méjèèjì ló ṣàlàyé ohun tí Àṣàbí béèrè.

Èkíní ni ti Elaine Walster àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 1973. Wọ́n ti dán ọ̀rọ̀ ṣíṣakọ yìí wò lóríṣiríṣi ọ̀nà kó tó di ìgbà náà, wọn ò rí i pé ó ń ràn obìnrin lọ́wọ́. Ìgbà tí wọ́n wá pín ìbéèrè náà sí méjì ni ó yé wọn. Wọ́n kó àwọn ọkùnrin 71 jọ, wọ́n sọ fún wọn pé kọ̀ǹpútà ló ń bá wọn wá ẹni tí wọ́n jọ máa jáde. Wọ́n gbé fáìlì àwọn obìnrin márùn-ún fún ọkùnrin kọ̀ọ̀kan, nínú fáìlì mẹ́ta ló sì ti lè rí bí obìnrin náà ṣe wo gbogbo ọkùnrin tí wọ́n fi hàn án, títí kan òun alára. Obìnrin kan wà tí kò sí ẹni tí kò wù ú. Òmíràn wà tí kò sí ẹni tó wù ú tó bẹ́ẹ̀. Ẹnì kẹta, kò fi bẹ́ẹ̀ ka àwọn yòókù sí, àmọ́ ọkùnrin tó ń ka fáìlì náà gan-an wù ú. Àwọn méjì tó kù, wọn ò sọ nǹkan kan nípa irú ẹni tó wù wọ́n. Èyí tó lé ní ìdajì nínú àwọn ọkùnrin náà ló yan ẹnì kẹta yẹn. Obìnrin tó ń ṣakọ fún gbogbo ayé kò rí ju àwọn díẹ̀ lọ, kò fi nǹkan púpọ̀ sàn ju èyí tí gbogbo ènìyàn wù lọ. Wọ́n rí i bí ẹni tí ojú rẹ̀ le, tí ara rẹ̀ tutù.

Ẹ wo ibi tó yàtọ̀ síra. Ohun tó fún obìnrin náà níyì ni pé kì í ṣe gbogbo ènìyàn ló lè rí i gbà, ohun tó sì fà á mọ́ra ni pé ọkùnrin náà mọ̀ dájú pé òun lè rí i gbà. Àṣàbí, o ti ṣe apá kìíní. Apá kejì ni kò sí níbẹ̀: kò sí ibi tí ọkùnrin yìí ti lè mọ̀ pé òun yàtọ̀ sí àwọn yòókù lójú rẹ.

Ìwádìí kejì ni ti Xianchi Dai àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Hong Kong, tó jáde ní 2014. Wọ́n mú kí ọkùnrin àti obìnrin jókòó sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀. Àwọn ọkùnrin kan ló fúnra wọn yan obìnrin tí wọ́n fẹ́ bá sọ̀rọ̀, àwọn mìíràn, wọ́n wulẹ̀ ní kí wọ́n bá ẹni tí wọ́n fún wọn sọ̀rọ̀ ni. Wọ́n ti kọ́ obìnrin náà láti máa dáhùn tọ̀yàyàtọ̀yàyà nígbà mìíràn, kó sì ṣe bí ẹni tí ọ̀rọ̀ náà ò kàn nígbà mìíràn. Lẹ́yìn náà ni wọ́n wá bi àwọn ọkùnrin ní ìbéèrè méjì tí àwa máa ń ka sí ọ̀kan ṣoṣo: báwo lo ṣe fẹ́ràn rẹ̀ tó, àti báwo lo ṣe fẹ́ tún rí i tó?

Lọ́dọ̀ àwọn tó fọwọ́ ara wọn yàn án, ìṣakọ mú kí wọ́n fẹ́ tún rí i sí i, ṣùgbọ́n wọ́n fẹ́ràn rẹ̀ dín kù. Lọ́dọ̀ àwọn tí wọ́n kàn fi í fún, méjèèjì ló wálẹ̀. Ibi tí Akin wà gan-an nìyẹn: ẹsẹ̀ ń sáré, ọkàn ń tutù.

Baálé_Ilé

Ẹ ṣeun fún àlàyé yìí o. Ìyàwó mi náà nìyí. Ó ti tó ìgbà mélòó kan tí mo ń bá a sọ̀rọ̀ tí kì í dáhùn, tí mo bá béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀, á ní kò sí. Ṣé ìṣakọ tí ẹ ń wí nìyẹn? Ṣé kí èmi náà má bá a sọ̀rọ̀ mọ́ kó lè máa wá mi?

Ìyá_Agbo

Rárá, Baálé. Ìyẹn kì í ṣe ìṣakọ. Ẹni tí ń ṣakọ fẹ́ kí o tún béèrè lẹ́ẹ̀kan sí i. Ẹni tó dákẹ́ nínú ilé, nǹkan ti dùn ún. Má fi dídákẹ́ san dídákẹ́. Wá àkókò tí ilé tòrò, jókòó tì í, sọ ohun tí o rí fún un láìfi ẹ̀sùn kàn án, kí o sì fetí sílẹ̀. Ẹ ṣí abala tirẹ̀ lọ́tọ̀, a ó bá yín dá sí i.

Títí_Ìwé

Olùwòye, ẹ kú àlàyé, ṣùgbọ́n ẹ fo ìwádìí kan tó ta kò yín. Ní Yunifásítì Virginia, ní 2011, wọ́n sọ fún àwọn ọmọbìnrin kan pé àwọn ọkùnrin ti wo ojú ewé wọn lórí Fesibúùkù. Wọ́n sọ fún àwọn kan pé àwọn wù àwọn ọkùnrin náà gan-an, fún àwọn kan pé wọ́n wù wọ́n níwọ̀nba, fún àwọn yòókù pé kò tíì dájú, ó lè jẹ́ èyí, ó lè jẹ́ ìyẹn. Àwọn tí kò dá lójú ni ọkùnrin náà wù jù! Ohun tí wọ́n sọ ni pé ńṣe ni wọ́n ń rò ó ṣáá. Nítorí náà, àìdánilójú ló ń mú ọkàn gbóná. Kí Àṣàbí má tú àṣírí ọkàn rẹ̀.

Olùwòye

Títí, o ṣeun, òótọ́ ni ìwádìí yẹn, o sì rò ó dáadáa. Àmọ́ wo ibi tó mọ. Àwọn ọmọbìnrin yẹn ò tíì pàdé àwọn ọkùnrin náà rí. Ọ̀rọ̀ náà ṣẹ̀ṣẹ̀ dé etí wọn ni, kò sí ẹni tó ti pè tí wọn ò gbé e, kò sí ẹni tó ti dá ọjọ́ tí wọ́n yẹ̀ ẹ́. Àìdánilójú ìṣẹ́jú mélòó kan máa ń gba ọkàn èèyàn. Àìdánilójú tó di ọ̀sẹ̀ lé ọ̀sẹ̀, nǹkan mìíràn ni, torí ẹni náà ti ń rí ẹ̀rí lójoojúmọ́, ìtumọ̀ tó sì rọrùn jù tó lè fún ẹ̀rí náà ni pé, "N kò wù ú."

Ohun kejì, nínú ìwádìí kan náà, àwọn tí wọ́n sọ fún pé wọ́n wù ọkùnrin náà gan-an fẹ́ràn rẹ̀ ju àwọn tí wọ́n sọ fún pé wọ́n wù ú níwọ̀nba. Ìtara tó hàn kedere kò lé wọn sá. Gurit Birnbaum àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ísírẹ́lì tiẹ̀ rí èyí tó yàtọ̀ sí ti Virginia: lọ́dọ̀ tiwọn, ẹni tó dá èèyàn lójú pé òun wù ú ló túbọ̀ ń fa ojú èèyàn mọ́ra, ẹni tí kò dájú sì ń dín kù lójú. Nítorí náà, àríyànjiyàn ṣì wà láàárín àwọn olùwádìí fúnra wọn. Ohun tí mo lè sọ láìbẹ̀rù ni pé bí àìdánilójú bá ń ran ẹnikẹ́ni lọ́wọ́, ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀ ni.

Títí_Ìwé

Ó yé mi. Ṣùgbọ́n mi ò tíì gbà tán pé ìtara kì í lé èèyàn. Mo ti sá fún ẹnì kan rí torí pé ó yá jù.

Olùwòye

Bóyá kì í ṣe yíyá rẹ̀ ló lé ọ. Ní 2007, Paul Eastwick àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kó ọ̀dọ́mọkùnrin àti ọ̀dọ́mọbìnrin jọ ní Yunifásítì Northwestern, wọ́n ń jókòó bá ara wọn sọ̀rọ̀ ní méjìméjì, ìṣẹ́jú 4 ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí gbogbo ènìyàn wù, kò fi bẹ́ẹ̀ wu ẹnikẹ́ni. Ẹni tí ẹnì kan pàtó wù ju àwọn yòókù lọ, ó máa ń wu ẹni náà padà. Láàárín ìṣẹ́jú mẹ́rin péré, èèyàn ti ń gbóòórùn ẹni tí kò ṣa. Bi ara rẹ léèrè bóyá ẹni tó yá jù yẹn mọ̀ ọ́, àbí ó kàn fẹ́ ẹnikẹ́ni tó bá sáà gbà.

Títí_Ìwé

Hmm. Ọ̀rọ̀ kan náà ló ń kọ sí èmi àti ọ̀rẹ́ mi. Ẹ ti mú mi.

Ìyá_Agbo

Mo ti ka gbogbo rẹ̀. Kí ẹ má sọ mí di ẹni tí kò gbọ́n o. Ìdí tí àwa fi ń ṣakọ kì í ṣe kí iye wa lè gòkè nìkan. A fẹ́ mọ ẹni tó ní sùúrù. Ọkùnrin tó kàn fẹ́ gba ohun tó fẹ́ kó sì máa lọ, kì í dúró tí kò bá rí i gbà kíákíá. Ṣíṣakọ ló sẹ́ ọ̀pọ̀ wọn sílẹ̀ fún mi nígbà ọmọge. Ṣé ìyẹn náà ò wúlò?

Olùwòye

Ó wúlò, mà. Àwọn tó wádìí ìdí tí èèyàn fi ń ṣakọ náà rí i bẹ́ẹ̀, pé yàtọ̀ sí kí wọ́n lè túbọ̀ wu ẹni náà, wọ́n ń dán ìpinnu rẹ̀ wò ni. Ibi tí mo ti fẹ́ bá yín jiyàn ni ohun tí ìdánwò náà ń wọ̀n. Tí ẹ bá fa àkókò gùn ṣùgbọ́n tí ẹ ń ṣọ̀yàyà, ẹni tí kò ní sùúrù yóò lọ, ẹni tó ní sùúrù yóò dúró. Tí ẹ bá fa ọ̀yàyà náà sẹ́yìn, ẹni tó mọ iyì ara rẹ̀ tó sì máa ń gbọ́ ohun tí wọ́n bá sọ fún un yóò lọ pẹ̀lú, torí yóò gbà pé ẹ ti dáhùn. Àwọn tí yóò kù sílẹ̀ ni àwọn tí kíkọ̀ kì í yé. Ìdánwò yẹn lè lé ẹni rere jáde, kó sì fi alágídí sílẹ̀ sínú ilé.

Ẹ bi ara yín, mà: nígbà tí ẹ ń ṣakọ fún bàbá àwọn ọmọ, ṣé kò rí ẹ̀rín yín rárá ni?

Ìyá_Agbo

Háà, ó rí i. Mi ò kàn tètè sọ bẹ́ẹ̀ ni fún un. Ṣùgbọ́n ìgbàkígbà tó bá dé, inú mi máa ń dùn, ó sì ń hàn lójú mi.

Akin_Tòótọ́

Ṣé ẹ rí i, mà! Ọ̀tọ̀ ni ìyẹn, ọ̀tọ̀ ni kéèyàn má dáhùn títí ilẹ̀ á fi ṣú.

Sìsí_Ayọ̀

Ẹ jẹ́ kí n fi ohun kan kún ọ̀rọ̀ alágídí yẹn, torí kò yẹ ká fi ẹnu kàn án kọjá.

Ọkùnrin kan wà tí mo sọ fún pé mi ò fẹ́. Mi ò ṣakọ, mi ò rẹ́rìn-ín, mo sọ ọ́ kedere. Ó ní òun mọ̀ pé àwọn obìnrin máa ń kọ̀ kí wọ́n tó gbà, ó sì ń dúró dè mí lẹ́nu ọ̀nà iṣẹ́. Ẹ̀rù bà mí gan-an nígbà yẹn. Kì í ṣe ẹ̀bi ẹnikẹ́ni tó ń ṣakọ pé ọkùnrin yìí kò gbọ́ràn, òun ló ni ẹ̀bi rẹ̀. Àmọ́ tí a bá ń fi "rárá" sọ "bóyá", a ń fún irú wọn ní ohun tí wọ́n máa fi gbá ara wọn mú. Tí o kò bá tíì ṣe tán, sọ pé o kò tíì ṣe tán. Tí o kò bá fẹ́, sọ pé o kò fẹ́. Má fi ọ̀kan dípò èkejì.

Ẹ̀yin ọkùnrin tó ń kà á náà: tí wọ́n bá sọ pé rárá, ẹ kà á sí rárá kí ẹ sì fi í sílẹ̀. Tó bá jẹ́ ìṣakọ ni, òun fúnra rẹ̀ ni yóò wá wí bẹ́ẹ̀.

Akin_Tòótọ́

Sìsí, o ṣeun tó o sọ ọ́. Ìdí nìyẹn tí mo fi rò pé ọkùnrin Àṣàbí kò dán an wò rárá. Ó gbọ́ "rárá" ni, ó sì bọ̀wọ̀ fún un.

Àṣàbí_Ẹ̀yẹ

Ẹ ṣeun gbogbo yín. Mo ń ka ọ̀rọ̀ yín, àyà mi ń já. Ẹ jẹ́ kí n tún ṣàlàyé díẹ̀. Kì í ṣe òun ló kọ́kọ́ rí mi o, ọ̀rẹ́ mi ló sọ fún un pé kó wá mọ̀ mí. Ìgbà tó dá ọjọ́ fún mi kẹ́yìn, ó ní, "Tí ọ̀sẹ̀ yìí kò bá rọ̀ ọ́ lọ́rùn, sọ ọjọ́ tó bá wù ọ́." Mo fèsì pé, "A máa rí i." Kò tún dá ọjọ́ mìíràn mọ́. Ó kí mi ní ìjẹta pé, "Ṣé dáadáa ni?" Mo ní, "Dáadáa ni." Kò sọ nǹkan kan mọ́.

Báwo ni mo ṣe lè mọ̀ bóyá ó ti lọ pátápátá? Tí n bá fẹ́ rọ̀, báwo ni mo ṣe máa ṣe é láìdàbí ẹni tó ń bẹ̀bẹ̀?

Olùwòye

Ohun tí o ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ yìí ló ṣe pàtàkì jù nínú gbogbo rẹ̀. Ọ̀rẹ́ rẹ ló mú un wá, nítorí náà kì í ṣe pé ó ti ń ṣọ́ ọ láti ọjọ́ pípẹ́. Rántí àwọn ọkùnrin Hong Kong tí wọ́n kàn fún ní obìnrin: lọ́dọ̀ wọn, ìṣakọ kò mú ohunkóhun gòkè. Tirẹ dúró láàárín méjèèjì. Ẹlòmíràn ló mú un wá, ṣùgbọ́n lẹ́yìn tó mọ̀ ọ́, ó fúnra rẹ̀ dẹnu kọ ọ́. Mo rò pé ìdí nìyẹn tí ìlépa náà fi gòkè ní ìbẹ̀rẹ̀, tí kò sì pẹ́. Ohun tó so ó mọ́ ọ kò tíì nípọn tó ohun tí o gbé lé e.

Wo ìdáhùn rẹ sí i. "Sọ ọjọ́ tó bá wù ọ́" ni ó sọ. Ó ti rẹ ara rẹ̀ sílẹ̀, ó gbé àṣẹ fún ọ. "A máa rí i" kò ní ọjọ́ nínú, kò ní ìdí, kò sì ní inú dídùn kankan. Ẹni tọ́wọ́ rẹ̀ dí lóòótọ́ máa ń yẹ ọjọ́ kan, á sì fi òmíràn rọ́pò rẹ̀. Ibi tí àwọn èèyàn ti ń dá ẹni tọ́wọ́ rẹ̀ dí mọ̀ yàtọ̀ sí ẹni tí kò fẹ́ nìyẹn.

Ṣé ó ti lọ? Ó ṣì ń kí ọ, kò sì fi ìbínú sọ̀rọ̀. Èyí tí kò ṣe mọ́ ni dídá ọjọ́, nǹkan kan ṣoṣo tí wọ́n lè fi kọ̀ ọ́. Ó jọ mí pé ó ń dáàbò bo ara rẹ̀ ni, ṣùgbọ́n mi ò lè fọwọ́ sọ̀yà.

Ohun tí màá ṣe ni kí n kọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo sí i, kì í ṣe mẹ́ta, kí n sì fi ọjọ́ àti wákàtí sí i. Bí àpẹẹrẹ: "Mo gbádùn bí o ṣe máa ń bá mi sọ̀rọ̀, mi ò sì tíì sọ ọ́ fún ọ. O ní kí n mú ọjọ́. Ṣé Sátidé yìí láago mẹ́rin yóò rọ̀ ọ́ lọ́rùn?" Má ṣàlàyé ìdí tí o fi ń pẹ́ dáhùn, má tọrọ gáfárà gígùn. Ẹ̀bẹ̀ ni kéèyàn máa kọ lé ọ̀rọ̀ nígbà tí wọn ò tíì dáhùn. Ọ̀rọ̀ kan tó ní ọjọ́ nínú, ìpè ni.

Lẹ́yìn náà, àyè ṣì wà fún iyì rẹ. O ò ní láti gba ìfẹ́ lọ́jọ́ yẹn. O lè sọ pé o fẹ́ kẹ́ ẹ túbọ̀ mọ ara yín kó o tó dáhùn. Jẹ́ kí àkókò rẹ ṣòro rí tó bá jẹ́ pé ó ṣòro rí lóòótọ́, ṣùgbọ́n nígbà tó o bá wà lọ́dọ̀ rẹ̀, wà níbẹ̀ pátápátá.

Ìyá_Agbo

Ọ̀rọ̀ náà dára, ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ "mi ò sì tíì sọ ọ́ fún ọ" yẹn. Ó ti jọ ìjẹ́wọ́ jù. Sọ pé o gbádùn ọ̀rọ̀ rẹ̀, kí o dá ọjọ́. Ó ti tó.

Akin_Tòótọ́

Mà, gbólóhùn yẹn gan-an ni mo máa fẹ́ kà tó bá jẹ́ èmi. Láìsí i, màá rò pé nǹkan mìíràn ló já mọ́ ọn lọ́wọ́ ló ṣe rántí mi.

Sìsí_Ayọ̀

Èmi wà lẹ́yìn Akin. Tí kò bá sì dáhùn, tàbí tó bá yẹ̀ ẹ́ láìdá ọjọ́ mìíràn, fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ìwọ náà gbọ́dọ̀ lè gbọ́ "rárá".

Àṣàbí_Ẹ̀yẹ

Mo ti fi ránṣẹ́. Mo fi gbólóhùn yẹn sílẹ̀ níbẹ̀, Ìyá, ẹ dárí jì mí. Ó dáhùn kó tó di alẹ́. Ó ní Sátidé kò ní rọrùn fún òun, ṣé ọjọ́ Àìkú lè ṣeé ṣe? Lẹ́yìn náà ló wá kọ pé, "Mo rò pé mo ń yọ ọ́ lẹ́nu ni." Mo ti gbà fún Àìkú. Mi ò mọ bó ṣe máa rí.

Ìyá_Agbo

Ó yẹ ọjọ́ kan, ó fi òmíràn rọ́pò. Olùwòye, mo gbọ́. Lọ, ọmọ mi, kí o sì jẹ́ kó rí eyín rẹ.

Dèjì_Ìbéèrè

Ẹ jọ̀ọ́, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni. Obìnrin nìkan lẹ ń sọ̀rọ̀ bá. Tí ọkùnrin bá ń ṣakọ fún obìnrin ńkọ́? Ìyẹn ni mò ń ṣe báyìí, ó sì jọ pé ó ń ṣiṣẹ́.

Olùwòye

Dèjì, ìwádìí Walster àti ti Hong Kong, ọkùnrin ni wọ́n dán wò. Ti Virginia, obìnrin ni. Ti Northwestern ló ní méjèèjì, ẹni tí kò ṣa kò sì rí ojú rere níbẹ̀, ìbáà jẹ́ ọkùnrin ìbáà jẹ́ obìnrin. Nítorí náà, mi ò ní sọ pé ó yàtọ̀ gédégédé. Ohun tí màá bi ọ́ ni èyí: "ó ń ṣiṣẹ́" tí o wí yẹn, ṣé ó ń pè ọ́ sí i ni, àbí ó ń sọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ fún ọ sí i? Tó bá ń pè ọ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n tí kò sọ nǹkan kan nípa ara rẹ̀ mọ́, tó sì jẹ́ pé ibi tó o wà àti ẹni tó o wà pẹ̀lú nìkan ló kù tó ń béèrè, má tíì kà á sí àṣeyọrí.

Dèjì_Ìbéèrè

Ibi tí mo wà ló máa ń béèrè. Ẹ jẹ́ kí n lọ bá a sọ̀rọ̀.